Apá (a) ti bàjẹ́: ṣé kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù (b) àti (c) náà ni?

TísàKékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìwé mọ́ọ̀kì físíìsì SS 3 ni èmi àti ẹnìkejì mi jọ ń máàkì, a ò sì fẹnu kò. Ìbéèrè náà nìyí: igi kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2.0 kg bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, ó ń yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ lórí pátákó tó dà gẹ̀rẹ́ ní 30°. Gígùn pátákó jẹ́ 4.0 m, μ jẹ́ 0.20, g jẹ́ 10 m/s². (a) Wá fíríkṣọ̀n. (b) Wá a, ìyẹn bí ìyára igi ṣe ń pọ̀ sí i. (c) Wá v, ìyẹn ìyára igi nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátákó.

Ìlànà máàkì tí wọ́n fún wa rèé, máàkì 10 ni gbogbo rẹ̀:

```
(a) R = mg cos30° [1]    F = μR [1]    F = 3.46 N [1]
(b) mg sin30° = 10 N [1]    10 - F [1]    Fnet = ma [1]    a = 3.27 m/s² [1]
(c) v² = u² + 2as [1]    nọ́ńbà nínú fọ́múlà [1]    v = 5.11 m/s [1]
```

Ọmọ kan kọ R = mg sin30° = 10 N, ó ní F = 0.20 × 10 = 2.0 N. Ó wá lọ sí (b), ó ní 10 - 2 = 8 N, a = 4.0 m/s². Ní (c), v² = 2 × 4.0 × 4.0 = 32, v = 5.66 m/s. Mo fún un ní 8. Ẹnìkejì mi fún un ní 4. Ta ló tọ̀nà nínú wa?

BàbáIdánwò

Ẹnìkejì rẹ ló tọ̀nà, ọmọ mi. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, èsì tí kò tọ́ kò tọ́ náà ni. Ìlànà sọ pé a jẹ́ 3.27, ọmọ kọ 4.0. Níbo ni ẹ ti rí 4.0 nínú ìlànà? Ẹ máàkì ohun tó wà lórí bébà yín. Tí ọmọ yìí bá lọ kọ́ afárá lọ́la, ṣé èèyàn máa gùn ún nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn dáadáa ni?

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ọmọ yìí ò mọ ìyàtọ̀ sin sí cos lórí pátákó tó dà gẹ̀rẹ́. Ìyẹn kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lórí kakulétọ̀. Ohun tí ìbéèrè yẹn ń dán wò gan-an ló fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

ÌyáFísíìsì

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba apá kan lẹ́nu yín, kí n sì jiyàn lórí èkejì.

Òótọ́ ni pé àṣìṣe òye ni, kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi gba máàkì R. Máàkì tó wà lórí 3.46 N náà gbéra lórí R tó tọ́, torí náà ìyẹn náà lọ. Nínú (a), máàkì F = μR nìkan ló kù fún un. Ó ti san gbèsè rẹ̀ níbẹ̀: 1 nínú 3.

Ẹ wá bi ìlànà léèrè pé kí ni (b) ń rà lọ́wọ́ ọmọ. Ó ń ra ohun mẹ́rin: kó mọ̀ pé mg sin30° ló ń fa igi sísàlẹ̀, kó mọ̀ pé fíríkṣọ̀n ń fà á sẹ́yìn kó sì yọ ọ́ kúrò, kó lo Fnet = ma, kó ṣe ìṣirò rẹ̀ láìṣì. Ọmọ yìí ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ńbà tó gbé wọlé láti (a) nìkan ló yàtọ̀. Bí ẹ bá gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ níbí, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn lórí sin kan ṣoṣo. Ní (c) ẹ tún gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ mìíràn tó ṣe (a) dáadáa, tó wá gbàgbé Fnet = ma, tó fi bẹ́ẹ̀ ní a tí kò tọ́, lè gbà ju èyí lọ, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó mọ̀ kò tó ti eléyìí.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, TísàKékeré: ẹ mú 2.0 N tí ọmọ kọ, ẹ fúnra yín fi ṣe (b) lórí bébà mìíràn. Tí ẹ bá rí 4.0, tí òun náà rí 4.0, ó ní máàkì ìdáhùn. Ẹ mú 4.0 yẹn wọ (c), ẹ rí 5.66, òun náà rí i. Gbogbo máàkì (c) di tirẹ̀. 1 + 4 + 3, ó jẹ́ 8. Tí ó bá kọ 5.85, a jẹ́ pé ó ṣe àṣìṣe tuntun níbẹ̀, ìyẹn ló máa san lọ́tọ̀.

Ẹ kọ àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ 4.0 àti 5.66 tó fi hàn pé nọ́ńbà ọmọ lẹ tẹ̀lé. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹni tó máa ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn yín máa rò pé ẹ sùn lọ ni.

BàbáIdánwò

Ẹ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Mo ṣì ń sọ pé 8 nínú 10 pọ̀ jù fún ẹni tí kò mọ R.

Mọ́gàjíLẹ́wìṣámù

Ẹ kú ilé o. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ́ físíìsì. Bí ìyá ṣe sọ ọ́ yẹn ni wọ́n ń ṣe é níbí, kò sí àríyànjiyàn nípa rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ECF, ìyẹn ni pé a gbé àṣìṣe tẹ́lẹ̀ lọ síwájú, a ò tún fìyà jẹ ẹ́ mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ìlànà tí wọ́n fún yín yẹn ò sọ irú máàkì tí [1] kọ̀ọ̀kan jẹ́, ibẹ̀ sì ni ìjà yín ti wá. Nínú ìlànà Kémbíríìjì fún físíìsì, lẹ́tà máa ń wà lára máàkì. M jẹ́ ti ọ̀nà tí ọmọ gbà. A jẹ́ ti ìdáhùn. Bí M bá lọ, A tó gbára lé e lọ pẹ̀lú rẹ̀. B dá dúró, kò gbára lé ẹnikẹ́ni. C ló dùn mọ́ mi jù: bí ọmọ ò bá kọ ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n tí ohun tó kọ tẹ̀lé e fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n, ẹ fún un ní máàkì ìgbésẹ̀ yẹn.

Ọmọ míì lè kọ tààrà pé `20 × 0.5 - 3.46 = 2a`. Kò kọ mg sin30° sí ibì kankan, kò kọ Fnet = ma. Lójú lẹ́tà C, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń máàkì pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́ máa ní kò sí fọ́múlà, á gé e.

MàámiTòbí

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe tísà. Tòbí ọmọ mi ní C6 nínú físíìsì Wáẹ́ẹ̀kì. Ó búra pé gbogbo ìdáhùn òun tọ́. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ yìí ni pé wọ́n gé máàkì ọmọ mi torí pé kò fi bó ṣe ṣe é hàn? Ta ni mo lè lọ bá?

ÌyáFísíìsì

Màámi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwa ò lè mọ ohun tó wà nínú ìwé Tòbí láti ibí. Ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ là ń sọ. Òun àti C6 ò jọ wà lójú kan: ohun tí C6 dúró lé ju ìwé kan lọ, ìṣe inú láàbù àti ìbéèrè aláṣàyàn náà wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín bá olùmáàkì rí.

TísàKékeré

Ẹ ṣé gan-an, ìyá. Mo fi ohun tí ẹ kọ han ẹnìkejì mi, ó gbà fún 8, ṣùgbọ́n ó wá gbé ìwé mẹ́ta míì síwájú mi, ó ní kí n fi òfin mi máàkì ìyẹn.

Èkíní: ọmọ yìí gbàgbé fíríkṣọ̀n pátápátá ní (b). Ó rí 3.46 N ní (a) dáadáa o, ó kàn fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ a = 10/2 = 5.0, lẹ́yìn náà v² = 40, v = 6.32.

Èkejì: ó ṣe (a) dáadáa, ó fo (b), ó wá fi agbára ìgbéga àti iṣẹ́ fíríkṣọ̀n ṣe (c): `40 - 3.46 × 4 = ½ × 2 × v²`, v = 5.11.

Ẹ̀kẹta: kakulétọ̀ rẹ̀ wà lórí rédíánì. Ó kọ R = 20 cos30° = 3.09 N, F = 0.62 N. Ní (b) ó kọ 20 sin30° = -19.76, ó yọ 0.62 kúrò, ó rí -20.38, a = -10.19. Ní (c) v² = -81.5, ó nu àmì yíyọ kúrò, ó kọ v = 9.03 m/s.

ÌyáFísíìsì

Ẹnìkejì yín mọ ìwé tó ń yàn o.

Èkíní lèèyàn máa ń ṣì máàkì jù. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín pé 5.0 "tẹ̀lé" ohun tó ṣe ṣáájú. Kò sí nọ́ńbà tí kò tọ́ tó gbé wọlé. Ó fi ìgbésẹ̀ kan sílẹ̀, ìbéèrè sì rọrùn fún un ju bí ẹ ṣe bi í lọ. Nítorí náà máàkì 10 - F lọ, máàkì a = 3.27 tó gbéra lé e náà lọ. Ó ní mg sin30° àti Fnet = ma, 2 nínú 4. Ní (c) ìgbésẹ̀ tó kù fún un kò rọrùn ju ti ẹlòmíràn lọ, fọ́múlà kan náà ni, nọ́ńbà kan náà ni yàtọ̀ sí a, torí náà ẹ tẹ̀lé 5.0 rẹ̀, ó ní 3. Àpapọ̀ 3 + 2 + 3, òun náà ní 8. Ká ní àṣìṣe rẹ̀ mú kí (c) fúnra rẹ̀ di ohun tí kò nílò ìṣirò kankan, ká ní ó rí a = 0 kó wá kọ v = 0, èmi ò ní fún un ní máàkì ìdáhùn níbẹ̀, torí pé kò sí iṣẹ́ tó ṣe tó yẹ lówó.

Èkejì: ọ̀nà tí ìlànà kò kọ, tó sì tọ́, gba máàkì kíkún. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti to ohun tó kọ mọ́ ohun tí ìlànà ń rà. Ní (c), 3 ni tirẹ̀. Ó mọ̀ pé gíga pátákó jẹ́ 2.0 m, ó yọ iṣẹ́ fíríkṣọ̀n kúrò, ó rí v. Ní (b) kò kọ nǹkan kan, ẹ ò sì lè fún un ní máàkì fún a tí kò wá. 6 ni. Ká ní ó padà wá, kó fi v² = 2as rí a = 3.27 láti inú v, ọ̀nà ẹ̀yìn náà tọ́, gbogbo (b) di tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ kí àwọn míì dá sí. Nínú (a), R àti μR tọ́, ìdáhùn kò tọ́: 2. Lójú tèmi, àṣìṣe kakulétọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe é jálẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí náà (b) jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n ní (c), nínu tó nu àmì yíyọ kúrò, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe ìyẹn, kì í ṣe kakulétọ̀. Máàkì ìdáhùn (c) lọ. 2 + 4 + 2, òun náà di 8.

BàbáIdánwò

Ẹ wò ó bí gbogbo ọmọ ṣe ń ní 8! Ó ti wá tó wàyí. Nínú ẹ̀kẹta yẹn, ọmọ gbé igi sórí pátákó, ó ní agbára tó ń fà á sísàlẹ̀ jẹ́ -19.76 N. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì? Igi tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró ń lọ sókè lórí pátákó fúnra rẹ̀? Ìyẹn gan-an ni físíìsì tí a ń kọ́ wọn, kí wọ́n mọ ìgbà tí nọ́ńbà ń purọ́. Máàkì ìdáhùn (b) ò yẹ kó jẹ́ tirẹ̀. 7 ni, ó pọ̀ jù lọ nìyẹn.

Mọ́gàjíLẹ́wìṣámù

Ẹ̀ẹ̀kan yìí, Bàbá, mo wà lẹ́yìn yín. Ẹ tún wo 9.03 yẹn. Pátákó náà ga ní 2.0 m péré. Bí igi bá já bọ́ láti 2.0 m láìsí fíríkṣọ̀n kankan, 6.32 m/s ló máa ní. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà ní 9.03. Àwọn kan lára wa níbí máa ń kọ ọ́ sínú ìlànà pé a ò ní tẹ̀lé nọ́ńbà ọmọ mọ́ bí ó bá ti di ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Àwọn míì ní kò tọ́, torí pé olùmáàkì kan máa ní "kò lè ṣẹlẹ̀", èkejì máa ní "ó ṣeé ṣe díẹ̀", ìjà míì sì dé. Mo rí òótọ́ nínú méjèèjì.

ÌyáFísíìsì

Ẹ̀rù ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ló ń bà mí. Bí ẹ bá fẹ́ fìyà jẹ nọ́ńbà tí kò lè ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìbéèrè: "Ṣé iye yìí bọ́gbọ́n mu? Sọ ìdí rẹ̀", kí ẹ sì fún un ní máàkì tirẹ̀. Ẹ má fi ohun tí ẹ ò bi ọmọ gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní pariwo bí wọ́n bá fẹnu kò sí 7, tí gbogbo ìwé oní-rédíánì bá gba 7 bákan náà. Ibi tí mo máa ti bínú ni kí ìkan gba 7, kí òmíràn gba 8.

Ìyẹn sì mú mi dé ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. TísàKékeré, ìwé mélòó lẹ ti máàkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí? Ó yẹ kó jẹ́ pé kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé kankan, ẹ fa ìwé bíi mélòó kan yọ, èyí tó dára, èyí tó burú, àwọn tó wà láàárín. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan máàkì wọn lórí bébà ọ̀tọ̀, láì kọ nǹkan sórí ìwé náà, kí èkejì má bàa rí i. Ẹ wá jókòó. Gbogbo ibi tí ẹ ti yàtọ̀, ẹ kọ ìpinnu yín sórí ìlànà: "sin dípò cos, máàkì R jẹ́ 0, tẹ̀lé nọ́ńbà ọmọ". Ìlànà máa kún fún bírò pupa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wáẹ́ẹ̀kì náà máa ń kó àwọn olùmáàkì jọ kí wọ́n tó pín ìwé fún wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ máàkì Ìbéèrè 1 nínú gbogbo ìwé kí ẹ tó kan Ìbéèrè 2. Ọmọ tó bá ṣe Ìbéèrè 1 dáadáa máa ń jẹ́ kí ojú èèyàn rọ̀ sí Ìbéèrè 2 rẹ̀ láìmọ̀. Bí ẹ bá dé ìwé tó gbẹ̀yìn, ẹ padà sí àwọn tí ẹ kọ́kọ́ máàkì, ẹ tún díẹ̀ nínú wọn máàkì láì wo ohun tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀. Ẹ máa rí i pé ọwọ́ yín ti le tàbí pé ó ti rọ̀.

Ọmọ_Ṣàkì

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí o, mo kàn ń kà á ni. Tí a bá lo g = 9.8, ṣé wọ́n máa gé e? Tísà wa máa ń gé e.

ÌyáFísíìsì

Bí ìbéèrè bá ti kọ g = 10, òun ni kí o lò. 9.8 máa fún ọ ní a = 3.20 àti v = 5.06. Ní tèmi, ẹnikẹ́ni tó bá kọ ohun tó wà láàárín 5.0 sí 5.2 ní (c) ló ní máàkì, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbè é. Ẹni tó bá yí 3.27 sí 3.3 kó tó lọ sí (c) máa rí 5.14, kì í ṣe ọ̀daràn. Ààlà yẹn ni ìlànà wọn ò kọ, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀. Yúníìtì náà, ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ gbà á nínú ìbéèrè kan. Ọmọ tó gbàgbé N, tó tún gbàgbé m/s², àìsàn kan náà ló ń ṣe é.

TísàKékeré

A ti jókòó, ìyá. A ti fa ìwé yọ, a sì rí i pé ìyàtọ̀ wa jù lọ kò sí ní ibi tí mo rò. Yúníìtì ni. Èmi ń gbà á lẹ́ẹ̀kan, òun ń gbà á ní gbogbo ìlà. A ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ oní-sin gba 8, ọmọ tó gbàgbé fíríkṣọ̀n gba 8, ọmọ oní-iṣẹ́ gba 6. Ti rédíánì, olórí ẹ̀ka wa mú 7, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́.

Ẹyọ kan ló kù. Ọmọ kan fi (a) àti (b) sílẹ̀ láìkọ nǹkan, ó kọ "v = 5.11 m/s" sí (c), kò sí ìlà kan ṣoṣo lókè rẹ̀. Ìbéèrè wa ò sọ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ hàn.

Mọ́gàjíLẹ́wìṣámù

Bí ìbéèrè ò bá sọ ọ́, mi ò mọ ibi tí ẹ máa gbà tí ẹ ò fi ní fún un ní 3 ní (c). Èèyàn ò lè rí 5.11 nínú àlá. Lẹ́tà C ni mo ń lò.

BàbáIdánwò

Ó rí i nínú ìwé ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. 1.

ÌyáFísíìsì

Ta ló jókòó níwájú rẹ̀, kí sì ni ẹni yẹn kọ ní (c)? Bí gbogbo ìjókòó tó yí i ká bá kọ 5.66 tàbí 6.32, ọ̀rọ̀ Bàbá ò dúró mọ́. Bí kò bá sí ohun tó fi olè hàn, ẹ má fi ìfura gé máàkì. Èmi fúnra mi á fún un ní 3 ní (c), á sì gba òdo ní (a) àti (b). Ọ̀gá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún máa fún un ní 1, ó ní máàkì méjì tó kù jẹ́ ti ọ̀nà, kò sì rí ọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka yín. Ní sáà tó ń bọ̀, ẹ kọ "fi iṣẹ́ rẹ hàn" sórí ìwé ìbéèrè.